Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Iṣẹ́, Kí Ló Yẹ Kó Lọ Sẹ́yìn? Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Ìtẹ̀wé Ṣómólú

Nígbà tí alábòójútó mi dá Orí Kẹrin àpilẹ̀kọ mi padà, kò fi bíírò pupa ya gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe rò. Gbólóhùn kan péré ló kọ sí etí ojú-ìwé àkọ́kọ́: "Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀?" Orí náà jẹ́ ojú-ìwé 41. Nígbà tí mo jókòó kà á bí ẹni tí kò mọ̀ mí, mo rí i pé ojú-ìwé 33 nínú rẹ̀ jẹ́ àtẹ ọ̀rọ̀ lásán. Àlàyé mi gan-an farapamọ́ sáàárín wọn bí owó tó já bọ́ sínú àpò ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé. Ẹni tó bá ti gba òpópónà Bájúláyé kọjá ní Ṣómólú mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń kí èèyàn káàbọ̀ síbẹ̀. Láti Fàdéyí títí wọ Ṣómólú, títí dé àwọn àdúgbò kan ní Bàrígà, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ lọ jàra: ẹni tó ń gé bébà, ẹni tó ń di ìwé, ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ẹni tí kò ṣe ju pé kó máa ta íńkì lọ. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Gẹ̀ẹ́sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Iṣẹ́ mi ni láti mọ bí wọ́n ṣe ń tún àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe kí wọ́n tó bá ẹnu Yorùbá mu, pàápàá níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ti fara kọ́ra nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa mọ̀ pé Yorùbá kì í gba ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì gbọ́dọ̀ wọ àárín wọn. Ìbéèrè mi ni: fáwẹ̀lì wo, kí sì ló ń yàn án?

Mo kó ọ̀rọ̀ 148 jọ. Nítorí pé oòrùn pa mí lórí wọn, mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa ka iṣẹ́ náà rí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi ọ̀rọ̀ sínú ara iṣẹ́ nítorí wàhálà tí mo ṣe kí n tó rí i, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni ìbéèrè kan tí alábòójútó mi ní kí n bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí mo bá yọ ọ́ kúrò, ṣé ohun tí mo ń sọ yóò wó? Mo mú àtẹ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 102 ni kò ní ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì kankan tó nílò àtúnṣe, irú bíi rólà àti íńkì. Wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tòótọ́, wọ́n sì dùn ún gbọ́, àmọ́ wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìbéèrè mi. Gbogbo wọn ló lọ sí Àfikún A lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí díẹ̀ o.

Ó wá ku 46. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀, nítorí gbogbo 46 yìí ló ní fáwẹ̀lì tí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló lè jẹ́rìí. Àlàyé méjì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ dá láàárín wọn. Èkíní sọ pé kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú ló ń yan fáwẹ̀lì: bó bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì afètèpè bíi b tàbí p, u ló máa tẹ̀ lé e, bó bá jẹ́ òmíràn, i ni. Èkejì sọ pé fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀ síwájú.

Ẹ wá wo tírímù, ìyẹn kí wọ́n gé etí ìwé kó lè dọ́gba. Àlàyé èkíní sọ pé i ló yẹ kó wà lẹ́yìn t, nítorí t kì í ṣe afètèpè. Àlàyé èkejì náà sọ pé i ni, nítorí i ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì lè bá mi dá ẹjọ́. Bákan náà ni kíríìsì, ìlà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ sára káàdì kó lè ká dáadáa, àti sítíìṣì, ìyẹn dídi ìwé pọ̀ ní ẹ̀yìn pẹ̀lú wáyà. Mo ní irú wọn 18. Wọ́n dà bí ẹlẹ́rìí tó wà níbi ìjà ṣùgbọ́n tó dojú kọ ògiri. Àwọn náà lọ sẹ́yìn.

Àmọ́ púléètì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ ni wọ́n ń dà kọ, e ló yẹ ká gbọ́ lẹ́yìn p. U la gbọ́. Nítorí náà, kọ́ńsónáǹtì ló yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni búláńkẹ́ẹ̀tì, búláàkì àti búrọ́ọ̀ṣì. Tíréè àti gílọ́ọ̀sì jẹ́rìí láti apá kejì: i ló wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé e àti ọ ló ń bọ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí tó gbè sẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì jẹ́ 22.

Àwọn tó kù, mẹ́fà péré, sọ òdìkejì. Pírìńtì ló lágbára jù nínú wọn. P jẹ́ afètèpè, u ló yẹ kó tẹ̀ lé e, àmọ́ i ni gbogbo abẹ́nà ìmọ̀ mi ń pè, nítorí i ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Gúlúù náà wà níbẹ̀, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń di ìwé ń lò: g kì í ṣe afètèpè, síbẹ̀ u ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí mo tò wọ́n síra ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí mo ti ń wá láti oṣù mélòó kan: bí fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ bá jẹ́ fáwẹ̀lì àhánupè, i tàbí u, òun ló ń borí, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ló ń yàn. Ọ̀rọ̀ 148 ni mo kó jọ, ṣùgbọ́n inú 28 ni ìdáhùn wà. Títí mo fi pín wọn, àwọn 120 yòókù ló bo ìdáhùn náà mọ́lẹ̀.

Mo wá ní láti pinnu iye tí máa fi sí ara iṣẹ́ nínú 28 yẹn. Ìmọ̀ràn tí mo gbà, tí mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu, ni pé àwọn tó bá òfin mu lè rán aṣojú wá, àmọ́ àwọn tó ta kò ó gbọ́dọ̀ wá fúnra wọn. Nítorí náà, gbogbo mẹ́fà tó ta kò ó wà nínú àtẹ tó wà ní Orí Kẹrin, mo sì mú mẹ́fà nínú 22 dúró tì wọ́n. Lábẹ́ àtẹ náà ni mo ti sọ iye gbogbo wọn, tí mo sì kọ nọ́ńbà tí oníkàwé máa fi rí àwọn yòókù nínú Àfikún A. Bí mo bá fi èyí tó ta kò mí pamọ́ sẹ́yìn, tí mo wá kó èyí tó gbè mí síwájú, ẹ̀tàn nìyẹn, kódà kí gbogbo dátà wà nínú ìwé kan náà.

Ẹnìkejì mi kan nínú kíláàsì ṣe òdìkejì tèmi. Ó gbọ́ pé ara iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, ló bá kó gbogbo àtẹ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wá ń parí sí "wo Àfikún B". Mo bá a ka ojú-ìwé mẹ́wàá, ọwọ́ ọ̀tún mi wà níwájú, ọwọ́ òsì mi wà lẹ́yìn ìwé, títí ó fi sú mi. Bí oníkàwé kò bá lè gba ohun tí o sọ gbọ́ láìṣí ìwé sẹ́yìn, ohun tó wà lẹ́yìn yẹn ti di ara iṣẹ́, ipò rẹ̀ nìkan lo gbé sọnù. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, tó fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò, ni àfikún wà fún. Ẹni tó kàn fẹ́ yé ọ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Àfikún mẹ́ta ni mo ní nígbẹ̀yìn: A, B àti D. (Ẹnìkan bi mí pé àfikún tó wà láàárín B àti D dà. Mo ní kó lọ ka álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá.) A ni àtẹ gbogbo ọ̀rọ̀, B ni ìbéèrè tí mo bi àwọn èèyàn, D ni fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda. Kò sí èyí tí ara iṣẹ́ kò dárúkọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ní àfikún kẹrin rí, àwòrán ẹ̀rọ Haidẹ́bẹ́ẹ̀gì tí mo yà ní ilé ìtẹ̀wé kan. Nígbà tí mo wá gbólóhùn tó pè é nínú ìwé, kò sí. Mo yọ ọ́. Àwòrán náà dára o, ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ohun kan tún wà tí àfikún fi ń tú àṣírí èèyàn. Mo kọ 46 sínú ara iṣẹ́, àmọ́ nígbà tí mo ka Àfikún A, 47 ni mo bá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbẹ̀yìn ni mo rí i pé mo kọ púléètì sí ibì kan, mo tún kọ pléètì sí ibòmíràn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Àwọn àgbà ní ibi iṣẹ́ ló ń pe púléètì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama ń pe pléètì, wọn kì í fi fáwẹ̀lì kankan sí i.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló fi àṣìṣe mi tó tóbi jù hàn mí, àṣìṣe náà sì jẹ́ ti àkójọ-ọ̀rọ̀, ìyẹn àtẹ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ìparí ìwé. Mo ti kọ síbẹ̀ pé: "Ọ̀rọ̀ àyálò: ọ̀rọ̀ tí a mú láti inú èdè mìíràn." Mo fi í síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, mo sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo iye tí mo kà dá lórí ìtumọ̀ yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ àyálò ni pléètì, àbí ọmọ iṣẹ́ náà kàn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín Yorùbá rẹ̀ ni? Bí mo bá dáhùn sí ọ̀nà kan, 46 ni. Bí mo bá dáhùn sí òmíràn, iye náà yí padà, òfin tí mo rí sì lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ tí iṣẹ́ rẹ dúró lé kì í gbé inú àkójọ-ọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ sí Orí Kẹta, mo fún un ní ìpínrọ̀ mẹ́ta. Mo sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn mẹ́ta láti ilé ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá lò láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ni mo kà, àti pé bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ọ̀nà ìpè méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà á sí, tí mo sì ń jíròrò ìpè kejì ní abala tirẹ̀. Pléètì wá ní abala tirẹ̀ nínú ara iṣẹ́, ojú-ìwé méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Kí ló wá kù fún àkójọ-ọ̀rọ̀? Mo ti kó 90 ọ̀rọ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan sílébù, fáwẹ̀lì àti ohùn. Ta ni mo ń túmọ̀ fáwẹ̀lì fún? Ẹni tó bá máa yẹ̀ mí wò mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè lọ wo ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé yẹn dá lé. Kò dáwọ́ lé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ibẹ̀ gan-an sì ni oníkàwé mi ti nílò ìrànwọ́.

Ọ̀rọ̀ tó nílò àkójọ-ọ̀rọ̀ jù kì í ṣe èyí tí èèyàn kò gbọ́ rí. Èyí tí èèyàn rò pé òun mọ̀ ni. Bí oníkàwé bá rí búláńkẹ́ẹ̀tì, ohun tí à ń fi bora lóru ló máa wá sí i lọ́kàn. Ní Ṣómólú, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wé agbá inú ẹ̀rọ ni. Púléètì ló máa ń kọ́kọ́ tẹ àwòrán tó ní íńkì sára rẹ̀, òun ló sì wá ń gbé e sára bébà, nítorí púléètì fúnra rẹ̀ kì í fara kan bébà. Púléètì náà kì í ṣe àwo oúnjẹ, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ti ya ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sí ni. Bílíìdì sì wà, èyí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú: ó jẹ́ àwọ̀ tàbí àwòrán tí wọ́n jẹ́ kó kọjá etí ibi tí wọ́n máa gé, ìwọ̀n mìlímítà 3 lọ́pọ̀ ìgbà, kí funfun má bàa yọ létí bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde nínú ara iṣẹ́, mo máa ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ṣókí níbẹ̀, bí mo ti ṣe fún tírímù lókè yìí. Bí kò bá tún jáde mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Bó bá tún máa jáde lẹ́yìn ogún ojú-ìwé, nígbà tí oníkàwé ti gbàgbé, ìgbà yẹn ni mo tó fi sínú àkójọ-ọ̀rọ̀. Àwọn 90 wá di 31.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ tò ó o. Kọ̀ǹpútà mi fi ṣíìtì ṣáájú síkíríìnì, nítorí kò mọ̀ pé ṣ kì í ṣe s tó ní àmì lábẹ́. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo s gbọ́dọ̀ tán kí ṣ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni e ṣáájú ẹ, o ṣáájú ọ, gbogbo g yòókù sì gbọ́dọ̀ tán kí gb tó wọlé. Ọwọ́ ni mo fi tún tiwa tò. Ọ̀rọ̀ 31 kò pọ̀ ju agbára èèyàn lọ.

Mo fi èyí tó dẹ́rù bà mí jù sí ìgbẹ̀yìn. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní àfikún kan tí mo pè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, níbi tí mo ti da gbogbo ohun tí abẹ́nà ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ kọ, láti orí dé ìparí. Mo yọ orúkọ wọn. Mo fi "Abẹ́nà 1", "Abẹ́nà 2" rọ́pò, mo sì rò pé mo ti dáàbò bo wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń ka Abẹ́nà 4, ọmọ iṣẹ́ kan tí inú rẹ̀ dùn láti bá mi sọ̀rọ̀ tó fi sọ ju ohun tí mo bi í lọ. Ó ń ṣàlàyé bí búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ṣe máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, ló bá mẹ́nu kan bí ọ̀gá òun ṣe ń lo èyí tó ti gbó fún iṣẹ́ oníbàárà, tó sì ń gba owó tuntun. Ó dárúkọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní, ó sọ ọdún tó ti lò níbẹ̀, ó sọ àdúgbò. Mo ti rìn ní àdúgbò yẹn ní Bàrígà. Ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ló ní irú ẹ̀rọ yẹn níbẹ̀. Bí ọ̀gá náà bá ka ojú-ìwé yẹn, kò ní nílò orúkọ.

Inú àfikún ni mo fi í sí, ọkàn mi sì ti sọ fún mi pé kò sí ẹni tó ń ka àfikún. Àmọ́ ìwé kan náà ni wọ́n máa dì pọ̀, fáìlì kan náà ni máa fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì tẹ orúkọ àdúgbò náà sínú ibi ìwákiri máa débẹ̀ tààrà láìka ojú-ìwé kan ṣáájú. Ó tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Àfikún D, mo ti ya àwòrán fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí wọ́n buwọ́ lù, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Mo ti yọ orúkọ wọn nínú àfikún kan, mo sì tún tò wọ́n sínú èkejì.

Mo kó gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kúrò. Kò sí ibì kankan nínú ìwé tó nílò wọn lódindi, gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ àyálò ti jáde nìkan ni iṣẹ́ mi ń lò, àwọn yẹn sì wà nínú Àfikún A pẹ̀lú nọ́ńbà, láìsí àdúgbò, láìsí irú ẹ̀rọ. Fọ́ọ̀mù òfìfo ni mo fi sí D. Àwọn tí wọ́n buwọ́ lù wà nínú àpòòwé kan tí alábòójútó mi tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ojú-ìwé 16 ni Orí Kẹrin ní báyìí. Nígbà tí mo gbé ìwé náà padà lọ sí Ṣómólú láti di í, ọ̀gá tó ń di ìwé ṣí i, ó wo àkójọ-ọ̀rọ̀, ó rí búláńkẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtumọ̀ mi dára, àmọ́ mo gbàgbé pé tó bá ti gbó, wọ́n máa ń yí i padà. Mo ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀."

Mi ò sọ ẹni tó sọ fún mi.